Oṣù Kan, Àpò Kan, Bọ́ọ̀sì Mẹ́sàn-án

Ọmọ náà ní orúkọ gidi o, orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná ni ìyá rẹ̀ àgbà ti sọ ọ́ di Atọ́nà, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. "Atọ́nà, jọ̀ọ́, ká ayé kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ gé àlùbọ́sà." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Atọ́nà á ká ayé, á gbé e lé orí itan, á sì máa fi ìka tẹ̀ lé ọ̀nà kan lọ lábẹ́ tábìlì, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ológbò lára.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣekágbá nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgò ìtọ̀ ló lọ kọ́ fún ọdún mẹ́rin. Ilé ìwòsàn ńlá kan ti gbà á síṣẹ́, wọ́n sì ti dá ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un. Láàárín ìdánwò àti iṣẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ àti díẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù rí mọ̀ pé irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í padà wá. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, ó di ìgbà tí èèyàn bá fẹ̀yìn tì.

Ohun tó fẹ́ fi oṣù náà ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ó fẹ́ dé etí adágún omi kan. Ibi tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì parí sí ni adágún náà wà, ìlú méje ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ilé wọn. Ara kàlẹ́ńdà kan ní ilé ìkàwé ló ti rí àwòrán rẹ̀ nígbà tó wà ní ọdún kìíní. Omi náà dúró jẹ́ẹ́ débi pé àwọsánmà sùn sínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sì dá dúró láàárín, tí èèyàn ò mọ̀ bóyá ojú omi ló wà ni tàbí ojú ọ̀run. Ọdún yẹn parí, wọ́n ká kàlẹ́ńdà náà sọnù, ṣùgbọ́n omi yẹn kò kúrò lójú ọmọ yìí mọ́. Bó bá ń kàwé, omi ni. Bó bá ń fọ ìgò, omi ni. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ohun tó bá wu èèyàn, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ wá kan owó. Ọdún méjì gbáko ló fi ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì. Owó tó kó jọ níbẹ̀ lè gbé èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì bí èèyàn bá ń gbé bí èèyàn, òun sì fẹ́ fi gbé oṣù kan. Ó ra ìwé nínípọn kan, ó fi rúlà lànà sí i, ojú ewé kan fún ọjọ́ kan. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ló máa dé sí níbi gbogbo, yàrá tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, àjà òkè ló sì máa gbà níbi tí owó tòkè bá ti dín díẹ̀ sí tìsàlẹ̀. Ó máa gbé àgádágodo tirẹ̀ dání fún kọ́bọ́ọ̀dù, torí ẹni tí ò bá gbé e dání máa yá a lọ́wọ́ wọn lówó gọbọi. Ó máa gbé táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Ó máa ra búrẹ́dì àti ẹyin, á sè é nílé ìdáná wọn, á kọ orúkọ sára ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹlòmíì má baà jẹ ẹ́ mọ́ ọn lójú.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí Màmá rẹ̀ bá ti lọ sùn, òun àti Ìyá Àgbà á jókòó ti tábìlì náà. Ilé búrẹ́dì ni Màmá ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà òun àti oorun kì í bá ara wọn ṣeré. Ìyá tó bí Màmá ni Ìyá Àgbà, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ rẹ̀ le koko nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò kúrò nílùú. Aṣọ àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ló fọ̀, òun alára kò dé ọ̀nà jíjìn.

"Ka èyí tó kàn," ni Ìyá Àgbà á wí.

Atọ́nà á kà á. Ìlú kẹta, afárá mẹ́rin, ọjà ìwé àlòkù lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ti jẹ́ ilé ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré. Ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ilé á parọ́rọ́, omi inú kẹ́tù á máa hó, á sì dà bíi pé àwọn méjèèjì ti wọ ìlú náà tí wọ́n ń rìn lórí afárá. Ìyá Àgbà á di ojú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì á sọ ohun tó rí lójú àlá. "Mo dé ibi afárá rẹ yẹn. Ẹnì kan sá aṣọ sórí irin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa." Atọ́nà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìṣirò náà kò kọ́kọ́ bá a mu. Ọgbọ̀n ọjọ́, òru mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bó bá fẹ́ máa san owó bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo òru, owó á tán ní ìlú kẹrin, á sì padà sílé láìrí adágún. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rí ojútùú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì òru! Bọ́ọ̀sì tó gbéra ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó sì gúnlẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, owó kan náà ló fi san ọkọ̀ àti ibùsùn. Ó to mẹ́sàn-án irú rẹ̀ sínú ìwé náà. Ó mọ̀ pé họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í fúnni ní bẹ́ẹ̀dì ṣáájú aago méjì ọ̀sán, ṣùgbọ́n wọ́n á bá a tọ́jú ẹrù, òun á sì máa rìn kiri ìlú.

"Lórí ìjókòó lèèyàn máa sùn?" ni Ìyá Àgbà bi í lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Lórí ìjókòó ni, Ìyá Àgbà."

"Wákàtí mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, nígbà míì mẹ́wàá. Ẹni tí ò bá lè sùn ní ìjókòó, kò lè rin ìrìn yìí. Orí ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé."

Ìyá Àgbà ní, "Hùn-ún." Àgbà tó bá ní hùn-ún tó sì dákẹ́, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́ tó tanná pálọ̀, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ké. Ìyá Àgbà ló jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, ó gbé báàgì lé itan, ó di ojú. Màmá jí i, ó ní kó lọ sùn. Ó lọ. Ní ọjọ́ kejì, orí àga náà ló tún bá a. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ní ọjọ́ karùn-ún, Màmá pe Atọ́nà sí ìkọ̀kọ̀.

"Ìyá mi ò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan. Lọ wo ẹsẹ̀ wọn fún mi, ìwọ tó kàwé."

Atọ́nà lọ wo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wú. Ó fi àtàńpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà, ojú ibi tó tẹ̀ jìn, kò sì tètè padà. Ẹ̀rù bà á dé ọkàn. Nínú ìwé tó fi ọdún mẹ́rin kà, ó wà níbẹ̀ gbangba: àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí kò sì lè sùn gbalaja, tó jẹ́ pé ìjókòó ló ti ń sùn, kí ẹ wo ọkàn rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá kàwé, bóyá ì bá kàn bi ìyá náà léèrè ohun tó ń wá lórí àga. Ìwé ló ṣì í lọ́nà, ìwé tó yẹ kó là á lójú.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ó ya àwòrán ọkàn.

"Ìyá, ṣé ẹ lè mí dáadáa bí ẹ bá sùn gbalaja?"

"Mo lè mí."

"Ṣé irọ́ kọ́? Kí ló wá dé tí ẹ kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Ìjókòó wù mí ni."

Dókítà wo Màmá, Màmá wo Atọ́nà. Gbogbo wọn mọ bí àgbà ṣe máa ń fi àìsàn pamọ́ kí wọ́n má baà kó ìdààmú bá ọmọ. Dókítà ní ọkàn náà kò dún bí ọkàn tó ní wàhálà, ṣùgbọ́n èsì máa jáde lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kó tó di ìgbà náà, kí wọ́n má fi ìyá náà nìkan sílẹ̀, pàápàá lóru.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ máa gbéra.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Atọ́nà pé kó má lọ. Ìyẹn ló tún burú jù. Màmá kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára aṣọ, ó ní, "Bí o bá lọ, mo lè bẹ ọ̀gá mi." Atọ́nà sì mọ̀ pé ọ̀gá yẹn kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn mẹ́ta péré ló wà nínú ilé: ẹnì kan ń jáde ní aago mẹ́rin ìdájí, ẹnì kan ń ṣàìsàn. Ẹni tó kù ni yóò dúró. Ó wọ yàrá, ó di ìrọ̀rí mọ́ ẹnu, ó sunkún adágún omi rẹ̀ bí ẹni sunkún òkú.

Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Bẹ́ẹ̀dì ìlú àkọ́kọ́ lè di èyí tí wọn ò gbowó rẹ̀ bó bá tètè sọ ṣáájú ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Họ́sítẹ́ẹ̀lì etí adágún ní òfin tirẹ̀: bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá péré ni wọ́n ní, ìdajì owó ni wọ́n ti gbà, wọ́n sì máa dá a padà fún ẹni tó bá sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ti ń pé lọ. Bó bá dúró de èsì, owó á jó.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, aládùúgbò kan bá wọn jókòó ti Ìyá Àgbà, Atọ́nà sì lọ sí ibùdókọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó fa fóònù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé àwọn bẹ́ẹ̀dì. Ti etí adágún ló kọ́kọ́ pa, nítorí pé eyín tó ń dunni jù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yọ. Fóònù béèrè pé, ṣé ó dá a lójú? Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀sì ń wọlé, bọ́ọ̀sì ń jáde, àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú oorun lójú, wọ́n ń wo òkè bí ẹni pé ojú ọ̀run ibí yìí yàtọ̀ sí tibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ó ń wò wọ́n bí ẹni wà lábẹ́ omi. Kó tó fagi lé èyí tó kẹ́yìn, ó padà wo ti adágún lẹ́ẹ̀kan sí i, láìnídìí. Wọ́n ti gbà á. Ẹlòmíì ti gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò sì sí òmíràn mọ́ títí oṣù fi máa parí.

Ó dìde, ó lọ síbi kántà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wọ gíláàsì, ó ń mu tíì nínú kọ́ọ̀bù tó ti fọ́ létí. Atọ́nà kó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án sílẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀?" ni alátíkẹ́ẹ̀tì wí. "Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú nìwọ̀nyí o, àǹtí mi. A kì í dá owó rẹ̀ padà. A máa yọ díẹ̀ kúrò, èyí tó kù á wà lọ́dọ̀ wa fún ọ fún ọdún kan, o lè fi wọ ọkọ̀ míì, tàbí kí o fi san ti ẹlòmíì."

"Mo ti mọ̀, mà. Ẹ máa ṣe é."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ọkùnrin ni?"

Atọ́nà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi àgbà ni, mà. Ara wọn ò yá. Wọn ò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, orí àga ni wọ́n ń sùn."

Ọwọ́ alátíkẹ́ẹ̀tì dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó yọ gíláàsì. "Orí àga? Ìyá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni? Tí ọwọ́ wọn le, tí wọ́n gbé báàgì aláwọ̀ ewé?"

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Wọ́n wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n béèrè bóyá a máa ń ṣe ẹ̀dínwó fún àgbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì. Wọ́n béèrè bóyá ìjókòó bọ́ọ̀sì òru máa ń tẹ̀ sẹ́yìn. Mo ní díẹ̀. Wọ́n wá béèrè wákàtí tó ń gbà dé ìlú àkọ́kọ́, mo ní mẹ́sàn-án. Ni wọ́n bá ní, 'Mo ti dé mẹ́fà báyìí, ó ku mẹ́ta.' Mo rò pé oògùn ni wọ́n ń kà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí o jókòó sí yẹn, wọ́n di ojú, wọn ò mira fún wákàtí kan. Mo ní kí ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ lọ wò wọ́n bóyá wọ́n ṣì wà láyé."

Atọ́nà di kántà mú. Ohun tó gbọ́ wọlé sí i díẹ̀díẹ̀, bí òjò tó ń rọ wọ aṣọ. Báàgì lórí itan. Ẹ̀yìn tó nàró. Ẹsẹ̀ tó wú, ẹsẹ̀ tó wú nítorí pé ẹni tó ni ín ń fi òru jókòó, tí kò jẹ́ kó sinmi! Háà! Ọdún mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́!

"Ẹ dúró, mà. Ẹ dákun, ẹ dúró."

"Mo ti pa mẹ́fà," ni alátíkẹ́ẹ̀tì wí. "Ó ku mẹ́ta."

Nígbà tó délé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò, ìyẹn lọ. Ìyá Àgbà wà ní ìdáná, ó ń bó ànàmọ́. Atọ́nà kò tiẹ̀ jókòó.

"Ìyá Àgbà, ṣé oorun bọ́ọ̀sì lẹ ń kọ́?"

Ọ̀bẹ dúró. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Obìnrin ibi tíkẹ́ẹ̀tì."

"Aláròyé," ni Ìyá Àgbà wí. Ó bó ẹyọ kan sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ó dáa. Mò ń kọ́ ọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní kí o gbé mi dání? Ìyá rẹ á ní mi ò lè sùn ní ìjókòó. Ìwọ náà á wò mí báyìí, o ò ní lè sọ pé rárá, ojú ni yóò máa tì ọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná. Bí mo bá ti pé wákàtí mẹ́sàn-án, màá wá bá ọ, màá ní, 'Atọ́nà, mo lè ṣe é, jẹ́ kí n bá ọ dé ìlú àkọ́kọ́ péré, màá fi bọ́ọ̀sì ọ̀sán padà.' Bí mi ò bá sì pé mẹ́sàn-án, kò ní sí ẹni tó máa gbọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa káàánú mi."

"Dókítà bi yín, Ìyá Àgbà!"

"Ó bi mí bóyá mo lè mí. Mo ní mo lè mí. Ṣé irọ́ ni?"

Atọ́nà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Mo ti fagi lé e. Mo rò pé ọkàn yín ni. Bẹ́ẹ̀dì gbogbo, bọ́ọ̀sì mẹ́fà. Ẹlòmíì ti gba ti etí adágún."

Ìyá Àgbà wò ó títí. Ó fi ọwọ́ tó le yẹn bo ojú. "Mo ba ìrìn ọmọ jẹ́," ló wí sínú ọwọ́ rẹ̀. "Yéè! Mo fi ọgbọ́n àgbà ba ìrìn ọmọ jẹ́."

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò dun ọmọ náà. Ó dùn ún wọra. Ní ọjọ́ náà títí di àṣálẹ́ ó bínú sí àga, ó bínú sí ẹsẹ̀, ó bínú sí ẹni tó gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí kò rí rí. Ó bínú sí Ìyá Àgbà pàápàá, ojú sì tì í pé ó bínú. Ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì padà kó máa lọ ní òun nìkan. Adágún ò ní bẹ́ẹ̀dì mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú méje tó kù ṣì wà níbẹ̀. Ó ro ìyẹn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ro arúgbó kan tó ń jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú báàgì lórí itan, tó ń ka wákàtí, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ bóun bá kùnà. Ó dìde, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé òfìfo, ó sì kọ ọ́ sókè pé: èèyàn méjì.

Ìṣirò èèyàn méjì kò jọ ti ẹnì kan. Oṣù kan di ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìlú méje di méjì. Họ́sítẹ́ẹ̀lì kan kọ̀wé padà pé àwọn kì í gba ẹni tó ti ju ogójì ọdún lọ. Ìyá Àgbà ní kó bá òun kí wọn, kó sọ fún wọn pé ogójì ń bọ̀ wá bá àwọn náà. Òmíràn ní kò sí wàhálà, wọ́n kọ àjà ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú yàrá obìnrin. Owó tó wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló san ọkọ̀ àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ẹ̀dínwó àgbà. Gbogbo ìrìn yòókù ló fi sí ọ̀sán, àfi ẹyọ bọ́ọ̀sì òru kan ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí Ìyá Àgbà ní òun ò lè kọ́ṣẹ́ kóun má gba ìwé ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ Ajé èsì jáde. Ọkàn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Dókítà gbọ́ ìtàn àga náà, ó fi orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wọlé. Ó ní kí ìyá máa mu omi, kó máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kó sì máa dìde rìn níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Màmá ní tirẹ̀ di búrẹ́dì márùn-ún fún wọn. "Bí ẹ̀yin méjèèjì bá lọ," ló wí, "ta ni màá wá bá jà nínú ilé?" Ó yíjú padà kíákíá kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́rùú ni wọ́n gbéra. Ìyá Àgbà gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Atọ́nà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Dírẹ́bà pa iná inú ọkọ̀, ìlú ń yọ́ lọ sẹ́yìn, iná títì ń kọjá lójú ìyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Atọ́nà ṣe fẹ́ bi í bóyá ara rọ̀ ọ́ ni oorun gbé òun fúnra rẹ̀ lọ, oorun ẹni tí ọ̀ràn ti rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yẹn wá.

Ìgbà tó la ojú, ilẹ̀ ti mọ́. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wàrà kún inú ọkọ̀, ìkùukùu jókòó sórí pápá títí lọ, igi kọ̀ọ̀kan yọ orí jáde nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ wà ní èjìká Ìyá Àgbà. Ó gbé e kúrò. Ìyá náà nàró, ojú rẹ̀ là kedere, ó pọ́n díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà. Ṣé ẹ sùn?"

"Rárá o."

"Láti àná? Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́?"

"Èmi náà ti fẹ́ sùn," ni Ìyá Àgbà wí. Ó rọra gbé apá òsì rẹ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, torí pé apá náà ti kú tipiri, kò lè dá gbéra. "Ṣùgbọ́n orí rẹ bọ́ sí èjìká mi kí a tó jáde nílùú. Bí mo bá sùn, màá mira, wàá jí. Ni mo bá jókòó. Mo mọ̀ ọ́n jókòó tẹ́lẹ̀, ṣé o rí i."

Ìfẹ́ ìyá náà pọ̀ nínú Atọ́nà débi pé ó ń dùn ún láyà. Ó mú apá tó kú náà, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàńpàkò rọ ọ́ láti èjìká wá sílẹ̀, títí ẹ̀jẹ̀ fi padà sínú rẹ̀, tí Ìyá Àgbà sì ń ní, "Yéè, ó ń ta mí, rọra." Níwájú wọn, dírẹ́bà tanná, ó ní ó ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n wọlé, kí oníkálùkù wo ẹrù rẹ̀.